Pípa gúrúpù WhatsApp rẹ́ tàbí jíjáde nínú ẹ̀: ibo ni mẹ́séèjì àti fọ́tò ń lọ?

Ìbéèrè: "Ọ̀kún o, bọ̀dá. Èmi ni mo dá gúrúpù àwọn ọmọ ìlú wa sílẹ̀ lórí WhatsApp, Ìjùmú níbí la wà, a jẹ́ 87, èmi nìkan sì ni ádímìn. Inú ẹ̀ la ti dá owó bọ́hóòlù, gbogbo rìsíìtì wà ńbẹ̀. Ní báyìí ìjà ti wọ̀ ọ́, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n tún ń bú akápò. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n pa gúrúpù yẹn rẹ́, pé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn á kúrò lórí fóònù gbogbo èèyàn. Ọkọ mi ní kí n kàn jáde ní tèmi. Èwo ni kí n ṣe, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́séèjì àti fọ́tò?"

Ọ̀kún, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, má tíì tẹ nǹkan kan o. Tó o bá pa gúrúpù yẹn rẹ́ lónìí, fóònù kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn máa kúrò, tìẹ ni. Àwọn 86 yòókù á ṣì máa ka èébú yẹn bí wọ́n ṣe ń kà á lánàá, ìwọ tó o jẹ́ ẹni tí wọ́n máa béèrè owó bọ́hóòlù lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa wá wà láìní rìsíìtì kankan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ ẹ nìyẹn, torí mo ń tún fóònù ṣe ní Kàbà níbí, àwọn tó ń gbé irú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kì í sábàá wá kí wọ́n tó pa nǹkan rẹ́, ẹ̀yìn tó ti tán ni wọ́n ń wá.

Jẹ́ n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí tó o bá ti mọ ibi tí mẹ́séèjì ń gbé, gbogbo ìyókù á yé ẹ. Lórí WhatsApp, nígbà tí ẹnì kan bá kọ nǹkan sínú gúrúpù, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yẹn máa ń lọ sórí fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan, orí fóònù yẹn ló sì ń gbé. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ WhatsApp kàn ń gbé e kọjá ni, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín wọ́n á yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ tiwọn, tí fóònù onítọ̀hún bá wà ní pípa tàbí tí kò ní dátà, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ dè é títí di 30 ọjọ́, tó bá ju ìyẹn lọ wọ́n á pa á rẹ́. Nítorí náà kò sí ibì kan ṣoṣo tí gúrúpù yín wà tí èèyàn lè lọ dáná sun. Ó dà bí ìwé ìpè ìpàdé tó o tẹ̀ ní ẹ̀dà 87 tó o sì ti pín fún wọn, o lè ya tìẹ, àmọ́ ti ilé wọn ò sí níkàáwọ́ ẹ.

Mo rò pé Telegram ni àbúrò ẹ ń lò, torí ohun tó sọ yẹn, òótọ́ ni lórí ìyẹn. Orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Telegram ni ọ̀rọ̀ gúrúpù wọn ń gbé, fóònù kàn ń lọ wò ó ńbẹ̀ ni, tí ẹni tó ni gúrúpù bá wá pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, á pòórá lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àyàfi fọ́tò tí ẹnì kan bá ti dáńlóòdù sínú gálárì ara ẹ̀. Kò parọ́ fún ẹ, ètò ibòmíì ló gbé wá síbi tí kò ti bá a mu.

Tóò, kí wá ni "pípa rẹ́" lórí WhatsApp? Ádímìn tó bá fẹ́ tú gúrúpù ká gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kúrò, yóò wọ orúkọ gúrúpù lókè, lọ sí ibi tí orúkọ àwọn èèyàn wà, tẹ orúkọ ẹnì kan, yan Remove, tún tẹ òmíì, títí ó fi ku òun nìkan, lẹ́yìn náà á yan Exit group, ìgbà tó bá jáde tán ni Delete group á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sí i. Wò ó dáadáa: ìgbà tó o ti jáde ni bọ́tìnnì yẹn ń yọjú, torí kò ní agbára lórí ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń gbé ìtàn gúrúpù yẹn kúrò lórí fóònù tìẹ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán tó bá jáde náà á rí bọ́tìnnì kan náà, ohun kan náà ló sì máa ṣe fún un.

Kí ni ẹni tó o yọ máa rí? Gúrúpù yẹn á ṣì wà lójú fóònù ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ àti fọ́tò àti fóìsì tó ti gbà tẹ́lẹ̀, ó kàn jẹ́ pé níbi tó ti ń kọ̀wé á wá rí i pé òun ò lè fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ torí òun kì í ṣe ọmọ gúrúpù mọ́. Á rí i pẹ̀lú pé ìwọ lo yọ òun, orúkọ ẹ á hàn, àwọn tó ṣì wà nínú gúrúpù á sì máa rí i bó o ṣe ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú wa níbí tí gbogbo wa mọ ilé ara wa, ìyẹn nìkan tó ìjà tuntun. Akápò tí wọ́n ń bú á rí i pé wọ́n yọ òun nígbà tí ẹni tó bú òun ṣì wà nínú ẹ̀, kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ogójì ìpè á ti pọ̀ lórí fóònù ẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ti ọkọ ẹ, jíjáde lásán. Ìyẹn ò pariwo, àwọn ádímìn nìkan ni WhatsApp ń sọ fún pé ẹnì kan jáde, ìyẹn sì ti wà láti 2022, àmọ́ àwọn tó bá wọ ibi orúkọ àwọn èèyàn ṣì lè wo àwọn tó ti jáde láàárín 60 ọjọ́ sẹ́yìn. Tó o bá jáde tó ò sì tẹ Delete group, gbogbo ìtàn gúrúpù yẹn á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, o lè kà á, o lè wo rìsíìtì, o kàn ò ní rí tuntun ni. Ní ti kí nǹkan má sọnù lọ́wọ́ ìwọ, ti ọkọ ẹ dáa ju ti àbúrò ẹ lọ.

Àmọ́ wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwọ nìkan ni ádímìn. Bí ádímìn kan ṣoṣo bá jáde láì yan ẹlòmíì, WhatsApp fúnra ẹ̀ á mú ẹnì kan láàárín àwọn tó kù, á fi í ṣe ádímìn, kì í wo àgbà, kì í wo oyè, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní Bùnú tó jẹ́ pé ọjọ́ Sunday nìkan ló ń tan dátà, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni náà gan-an tó ń bú akápò. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ onítọ̀hún, ó lè yọ akápò kúrò, ó lè yí orúkọ àti fọ́tò gúrúpù padà, ó lè ti ẹnu gbogbo èèyàn kí ó máa dá nìkan sọ̀rọ̀. Rìsíìtì tó ti pẹ́ ò ní lè pa rẹ́ lórí fóònù yín, màá sọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ilé tó o kọ́ ti di tiẹ̀ nìyẹn, ìwọ sì ti wà níta.

Ohun tó o fẹ́ gan-an, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni kí èébú yẹn kúrò lójú àwọn èèyàn. Ohun kan wà tó lè ṣe díẹ̀ nínú ìyẹn, kì í sì í ṣe pípa gúrúpù. Ádímìn lè di ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì kọ mú, kó yan Delete, kó sì yan Delete for everyone, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lórí fóònù gbogbo àwọn tó wà nínú gúrúpù. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á rí àkọsílẹ̀ pé ádímìn ló pa á rẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹ. Àmọ́ ó ní àkókò, bí ọjọ́ méjì péré ni lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́, ìdí tí mo fi ní ẹnikẹ́ni tó bá di ádímìn ò lè pa rìsíìtì oṣù tó kọjá rẹ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Tí wọ́n bá bú akápò ní alẹ́ Friday, o ní Sátidé àti ọjọ́ Sunday láti fi ṣe é, tí ilẹ̀ Tuesday bá mọ́ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bọ́tìnnì yẹn, Delete for me nìkan lo máa rí, ìyẹn sì tún jẹ́ fóònù tìẹ nìkan.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù rèé: wọ́n á kọ́kọ́ yọ ẹni tó ń bú èèyàn, wọ́n á wá máa pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn náà. Ìparẹ́ yẹn, àwọn tó wà nínú gúrúpù lásìkò tó o tẹ̀ ẹ́ ló ń lọ bá, ẹni tó o ti yọ ò sí lára wọn, ọ̀rọ̀ yẹn á dúró digbí lórí fóònù ẹ̀. Bákan náà ni tó o bá ti jáde, o ò lè pa nǹkan kan rẹ́ fún gbogbo èèyàn mọ́. Torí náà pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kí o tó yọ ẹnikẹ́ni. Tún wò ó bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn lọ́nà tí èébú yẹn fi hàn nínú àpótí kékeré lókè ìdáhùn ẹ̀, torí tó o bá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nìkan, àpótí yẹn á ṣì máa sọ ọ́, àfi kí o pa ìdáhùn yẹn náà rẹ́. Ẹni tó bá sì ti ya síkíríńṣọ́ọ̀tì tàbí tó ti fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀ sí àwọn ará Lọ́kọ́jà àti Àbújá, ìyẹn ti kọjá ọwọ́ ẹ pátápátá. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásìkò yẹn náà, tó bá ti gba ọ̀rọ̀ yẹn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, á ṣì máa kà á títí tí yóò fi tan dátà tí ìparẹ́ náà á fi dé bá a.

Fọ́tò tún ní ìwà tiẹ̀. Tí ẹnì kan bá gba fọ́tò nínú gúrúpù lórí Ándúróìdì, fáìlì gidi ni, ó wà nínú fódà WhatsApp lórí fóònù yẹn, ó sì máa ń hàn nínú gálárì tí wọ́n ò bá tíì pa ìfihàn yẹn. Ìparẹ́ gúrúpù lórí fóònù tìẹ ò kan ti wọn rárá. Kódà Delete for everyone tí mo sọ yẹn, tí aìfóònù ẹnì kan bá ti tọ́jú fọ́tò náà sínú Photos, ó ṣì lè wà ńbẹ̀. Àmọ́ lórí fóònù tìẹ, nígbà tó o bá tẹ Delete group, wàá rí àpótí kékeré kan tó ń béèrè bóyá kí òun pa fọ́tò àti fídíò gúrúpù yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, wọ́n á kàn tẹ̀ síwájú, tí àpótí yẹn bá sì ti ní àmì nínú, rìsíìtì tíráńsífà àti fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ bọ́hóòlù ti bá a lọ nìyẹn. Yọ àmì yẹn kúrò tó bá dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ò hàn sí ojú: fọ́tò tó o rí tó ń ṣe bàìbàì tó ní ọfà lórí, o ò tíì ní in. Òjìji ẹ̀ lásán lo ń wò, fáìlì fúnra ẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn, wọn ò sì ń tọ́jú ẹ̀ títí lọ. Tó bá pẹ́ tó o wá tẹ̀ ẹ́, á sọ fún ẹ pé kí o ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún fi í ránṣẹ́. Àwọn tó ń fi dátà ṣọ́ra, tí wọ́n ti pa dáńlóòdù àìtẹ̀, rìsíìtì wọn sábàá wà báyìí, àwa tá a wà lápá ibí tí dátà wọ́n lọ́wọ́ wa sì pọ̀ nínú wọn.

Ó dáa, ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò ẹ nìyí. Lónìí, lákọ̀ọ́kọ́, màá pa ẹnu gúrúpù yẹn dé: wọ orúkọ gúrúpù lókè, lọ sí Group permissions, pa ibi tó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́, kó ku ádímìn nìkan. Kò sí ẹni tó jáde, kò sí ẹni tí wọ́n yọ, ariwo kàn dákẹ́ ni. Kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan síbẹ̀ pé a sinmi díẹ̀ ká tó ṣírò owó, kí wọ́n má bàa rò pé o fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà pa èébú tí ò tíì ju ọjọ́ méjì lọ rẹ́ bí mo ṣe sọ, àmọ́ ya síkíríńṣọ́ọ̀tì ẹ̀ kí o tó pa á, torí tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú ọba tàbí ilé ẹjọ́, akápò á nílò ẹ̀rí ohun tí wọ́n sọ sí i. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti 2011, ní abala 84, gba ìwé tó ti inú ẹ̀rọ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tó bá pé àwọn ohun tí òfin béèrè, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó lòdì sí ẹ náà ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, rìsíìtì. Wọ orúkọ gúrúpù, lọ sí ibi tí fọ́tò, líǹkì àti ìwé wà, máa gòkè lọ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ owó bọ́hóòlù, gbogbo èyí tó bá ṣe bàìbàì, tẹ̀ ẹ́ kó wọlé báyìí tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣì wà ní àárín yín. Èyí tó bá kọ̀, kọ orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀ kí o ní kí ó tún fi ránṣẹ́. Tún tọ́jú orúkọ gbogbo àwọn tó dá owó sínú fóònù ẹ, torí nígbà tó o bá kó ọ̀rọ̀ gúrúpù jáde, ẹni tí o ò tọ́jú orúkọ ẹ̀, nọ́ḿbà lásán ló máa jáde, ta ló sì máa dá nọ́ḿbà 40 mọ̀ lọ́dún méjì sí i?

Tó o bá ti ṣe ìyẹn, tẹ ojú àmì mẹ́ta lókè, yan More, yan Export chat, tí yóò béèrè bóyá kó kó fọ́tò pọ̀, ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ aìfóònù, inú orúkọ gúrúpù ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Fi ránṣẹ́ sínú Google Drive ẹ, má fi ímeèlì ṣe é tí fọ́tò bá pọ̀, torí Gmail ò gba ohun tó ju 25MB lọ. Ohun tó máa jáde ni fáìlì ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn fọ́tò, èèyàn lè kà á lórí fóònù èyíkéyìí, àmọ́ kò ṣe é dá padà sínú WhatsApp. Ó sì ní ìwọ̀n: tó bá kó fọ́tò pọ̀, mẹ́séèjì 10,000 tó kẹ́yìn ló ń mú, tí kò bá kó fọ́tò, 40,000. Gúrúpù èèyàn 87 tó ń kí ara wọn kú àárọ̀ lójoojúmọ́ máa ń tètè kọjá 10,000, torí náà má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Padà sí ibi tí àwọn fọ́tò wà, di rìsíìtì mú, yan èyí tó kan owó bọ́hóòlù, kí o sì fọ́wọ́ọ̀dù wọn sí nọ́ḿbà tara ẹ lórí WhatsApp. Ṣí fáìlì tó wà ní Drive yẹn kí o wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, déètì àkọ́kọ́ tó wà ńbẹ̀ ló máa sọ fún ẹ bóyá ó dé ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó.

Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè ronú jíjáde. Yan ádímìn méjì, ọ̀kan ní ilé, ọ̀kan ní òkèèrè, kí ó má jẹ́ apá kan nínú ìjà yẹn ni méjèèjì ti wá, kí o bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ná, kí o tó tẹ orúkọ wọn kí o sì yan Make group admin. Tó o bá wá jáde, WhatsApp ò ní mú ẹnikẹ́ni ní èrò ara ẹ̀ mọ́. Fi gúrúpù náà sílẹ̀ lórí fóònù ẹ, o lè gbé e sínú Archive kó má máa hàn lójú, má tẹ Delete group títí ẹ ó fi ṣírò owó yẹn tán tí gbogbo ẹgbẹ́ á fi fọwọ́ sí i.

Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ fúnra wọn ló pinnu ní ìpàdé pé kí gúrúpù yẹn túká, ìyẹn yàtọ̀. Sọ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí kálukú kó ohun tó fẹ́, tẹ Reset link kí líǹkì àtijọ́ tó ń káàkiri má tún gbé ẹnikẹ́ni wọlé, kí o tó wá yọ wọ́n, jáde, pa á rẹ́. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ní ti bákọ́ọ̀pù, torí mo mọ̀ pé wàá béèrè: tó o bá ti pa á rẹ́ kí o tó ka èyí, yára wọ Settings, Chats, Chat backup, kí o wo ìgbà tí bákọ́ọ̀pù kẹ́yìn wáyé. Tó bá jẹ́ ṣáájú ìparẹ́, pa dátà àti Wi-Fi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí tuntun má bàa lọ bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, torí ti Google ò ju ẹyọ kan lọ. Ándúróìdì tún máa ń ṣe bákọ́ọ̀pù tiẹ̀ sínú fóònù fúnra ẹ̀ ní agogo méjì òru, ó sì máa ń ní ti ọjọ́ bíi méje sẹ́yìn. Má yọ WhatsApp kúrò fúnra ẹ, kí o má sì tún fóònù ṣe sí tuntun, gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nítòsí bó ṣe wà yẹn.